Bí Wọ́n Bá Ní Kí Ẹ Fọwọ́ Sọ̀yà fún Oṣù Tí Ẹ Ò Tíì Dé

*"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Oṣù Kẹwàá ni mo dé iléeṣẹ́ yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ẹ̀ka ìṣúná. Àwọn ọ́dítọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ lórí ìṣirò ọdún tó parí ní oṣù Kejìlá, wọ́n wá gbé lẹ́tà ojú ìwé mẹ́rin kan wá pé kí èmi àti ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí i pé ìṣirò náà pé, a ò sì fi nǹkan kan pa mọ́. Kọ̀ǹpútà tí ìwé ọjà títà oṣù Kẹrin àti Karùn-ún wà nínú rẹ̀ ti bàjẹ́ kí n tó dé. Ṣé mo lè kọ̀ láti fọwọ́ sí i? Kí ni wọ́n máa ṣe bí mo bá kọ̀?"*

Ẹ lè kọ̀. Kò sí ọ́dítọ̀ tó lè fi tipátipá gba ìfọwọ́sí lọ́wọ́ yín. Àmọ́ bí ẹ bá kọ̀ láti fọwọ́ sí lẹ́tà náà látòkèdélẹ̀, ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ yóò burú ju ìwé oṣù méjì tó sọnù lọ. Bí ẹ bá sì fọwọ́ sí i bó ṣe wà yẹn, ẹ ti jẹ́rìí sí ohun tí ẹ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kẹta wà, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ gbà: ẹ jẹ́ kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà padà níbi tí kò ti bá òtítọ́ mu, kí ẹ tó wá fọwọ́ sí i. Ọdún 21 rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ ọ́dítọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìjà tó ń bẹ́ sílẹ̀ lórí lẹ́tà yìí, ọ̀rọ̀ kan tàbí gbólóhùn kan ló fà á, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ jáde títí di ọjọ́ ìfọwọ́sí.

Lẹ́tà ìfọwọ́sọ̀yà ni mo máa ń pè é, torí ohun tó jẹ́ nìyẹn. Àwa ọ́dítọ̀ la sábà máa ń kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé iléeṣẹ́ yín, tí ẹ ó kọ orúkọ wa sí i, tí ẹ ó sì fọwọ́ sí i. Ó máa ń ṣe àwọn èèyàn bíi pé a ń fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Mo lóye rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí iṣẹ́ wa kò lè dé ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín sọ ọ́. A lè ka ẹrù tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí, a lè kọ̀wé sí báńkì pé èló ló wà nínú àpò iléeṣẹ́. Àmọ́ bí iléeṣẹ́ bá ní ilé kan, bóyá wọ́n fẹ́ tà á lọ́dún tó ń bọ̀ ni tàbí wọ́n fẹ́ máa lò ó, inú àwọn alákòóso ni ìyẹn wà, ó sì lè yí iye tí a ó kọ sílẹ̀ fún ilé náà padà. Bákan náà, a lè yẹ ohun tó wà nínú ìwé wò, ṣùgbọ́n ohun tí wọn ò kọ sínú ìwé rárá ṣòroó rí.

Nítorí náà, ìlànà àgbáyé fún iṣẹ́ wa, èyí tí a ń pè ní ISA 580, sọ pé ẹ̀rí tó pọn dandan ni lẹ́tà yìí. Ìlànà kan náà ló sì sọ pé kò lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tó tó. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé oníbàárà kan máa san gbèsè tó jẹ, a ṣì máa wo àpò báńkì yín ní oṣù Kìíní àti Kejì bóyá ó ti san án. Ọ́dítọ̀ tó bá fi lẹ́tà rọ́pò iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe, ẹ má ṣe gbà fún un, torí kì í ṣe ohun tí lẹ́tà náà wà fún nìyẹn.

Nínú ojú ìwé mẹ́rin yẹn, kì í ṣe gbogbo gbólóhùn ló wúwo bákan náà. Òpó méjì ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Òpó àkọ́kọ́ ni pé ẹ ti ṣe ojúṣe yín láti pèsè ìṣirò owó náà ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà ìṣirò tí iléeṣẹ́ yín ń tẹ̀ lé. Òpó kejì ni pé ẹ ti fún ọ́dítọ̀ ní gbogbo ìwé, àlàyé àti àǹfààní láti dé ibi tó yẹ kó dé, àti pé gbogbo òwò tó wáyé ló wà nínú ìṣirò. Ẹ wo lẹ́tà àdéhùn iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ yín àti àwọn ọ́dítọ̀ fọwọ́ sí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí ojúṣe méjèèjì níbẹ̀, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà méjèèjì bára mu. Ohun tí iléeṣẹ́ gbà láti ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń bi yín ní ìparí pé ṣé ẹ ti ṣe é.

Àwọn gbólóhùn tó kù jẹ́ ti ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí ti jìbìtì tí ẹ mọ̀ tàbí tí ẹ fura sí, ti òfin tí iléeṣẹ́ rú, ti ẹjọ́ tó wà ní kóòtù, ti àwọn èèyàn àti iléeṣẹ́ tó tan mọ́ yín, ti ìṣirò àfojúdá, ti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọdún parí. Àwọn wọ̀nyí kò ṣòroó lóye. Ọ̀kan péré ni mo fẹ́ tọ́ka sí, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn àṣìṣe tí ọ́dítọ̀ rí tí iléeṣẹ́ kò tún ṣe, tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn lẹ́tà. Wọ́n á ní kí ẹ sọ pé àwọn àṣìṣe náà, bí a bá ro gbogbo wọn pọ̀, kò tó ohun tó lè ṣi ẹni tó ń ka ìṣirò lọ́nà. Bí ẹ kò bá gbà pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àṣìṣe, ẹ kò ní láti purọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kò gbà pé ti nọ́ńbà báyìí jẹ́ àṣìṣe, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ìlànà fàyè gbà á. Èmi fúnra mi ti gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí "mi ò tíì dé nígbà yẹn." Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ìdí láti má fọwọ́ sí i. Gbogbo àkókò tí ìjábọ̀ ọ́dítọ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ kárí, ìlànà sì sọ ọ́ gbangba pé bí àwọn alákòóso òní kò bá sí níbẹ̀ ní apá kan nínú àkókò náà, kò dín ojúṣe wọn lórí ìṣirò owó lódindi kù. Ìdí rẹ̀ rèé. Lẹ́tà náà kò bi yín pé kí lẹ ṣe ní oṣù Kẹrin. Ohun tó ń bi yín ni pé ìṣirò tí ẹ̀yin fẹ́ gbé jáde lónìí, tí orúkọ yín wà lábẹ́ rẹ̀, ṣé ẹ dúró tì í? Bí ẹ kò bá lè dúró tì í, kò yẹ kí ẹ gbé e fún ìgbìmọ̀ olùdarí láti fọwọ́ sí rárá.

Ohun tí àìsíníbẹ̀ yín ń béèrè ni ìwádìí. Ẹ bi ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú yín, bí ẹ bá lè rí i. Ẹ ní kí ọ̀gá ẹ̀ka títà, ti ìkẹ́rùsí àti ti owó oṣù fọwọ́ sí lẹ́tà kékeré tiwọn fún yín, kí kálukú fọwọ́ sọ̀yà fún ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ wá béèrè pé kí wọ́n fi gbólóhùn yìí sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ńlá náà: "Dé ibi tí ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́ wa dé, lẹ́yìn tí a ti ṣe ìwádìí tó yẹ." Ọ́dítọ̀ lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bó bá dá a lójú pé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, tí ojúṣe rẹ̀ sì ni, ló ń fọwọ́ sí i. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ ìwádìí wà nínú gbólóhùn náà. Ẹni tó kọ ọ́ láìṣe ìwádìí ti purọ́ ní ìlà àkọ́kọ́, irọ́ fún ọ́dítọ̀ kò sì kéré lójú òfin níbi púpọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àpẹẹrẹ, abala 501 nínú òfin iléeṣẹ́ ti ọdún 2006 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun tó ń ṣini lọ́nà fún ọ́dítọ̀, tàbí kó sọ ọ́ láìbìkítà bóyá òótọ́ ni.

Ìwé oṣù méjì tó sọnù ni ọ̀rọ̀ gidi tó wà nílẹ̀ yìí, torí òpó kejì ló kàn. Ẹ kò lè sọ pé ẹ ti fún wa ní gbogbo ìwé nígbà tí àwọn kan kò sí mọ́. Ó yẹ kí ọkàn yín balẹ̀ pé ìlànà ti ro irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀: iná tó jó ìwé iléeṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ tiwọn. Wọ́n ní bí àwọn alákòóso bá kọ ọ́ pé yàtọ̀ sí ìwé tí iná jó, àwọn ti kó gbogbo ohun tó yẹ fún ọ́dítọ̀, wọn ò kọ̀ láti fọwọ́ sọ̀yà. Wọ́n ti fọwọ́ sọ̀yà, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ẹ lè kọ tiyín báyìí: "Yàtọ̀ sí ìwé ọjà títà oṣù Kẹrin àti Karùn-ún tó ṣòfò nígbà tí kọ̀ǹpútà bàjẹ́, a ti fún yín ní gbogbo ìwé àti àlàyé tó jẹ mọ́ ìṣirò yìí."

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ kúrò lórí lẹ́tà, ó di ti iye tó kàn. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà ṣe é. Ká ní ọjà tí iléeṣẹ́ tà lọ́dún náà jẹ́ mílíọ̀nù 600, tí àpapọ̀ oṣù méjì yẹn nínú ìwé ìṣirò ńlá sì jẹ́ mílíọ̀nù 95. Àpapọ̀ náà wà síbẹ̀, ìwé tó yẹ kó gbè é lẹ́sẹ̀ ni kò sí. Ká tún ní àṣìṣe tó bá tó mílíọ̀nù 6 ni ọ́dítọ̀ kà sí ohun tó lè ṣi èèyàn lọ́nà. Kò ní jókòó máa sunkún ìwé. Yóò gba àkọsílẹ̀ báńkì, yóò wo owó tó wọlé ní oṣù Kẹrin títí dé oṣù Keje. Yóò wo ìwé tí awakọ̀ fi gbé ẹrù jáde, yóò kọ̀wé sí àwọn oníbàárà ńlá pé èló ni wọ́n rà ní oṣù méjì yẹn, yóò sì wo iye tí iléeṣẹ́ kéde fún àwọn agbowó-orí nígbà náà, kí kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́. Yóò tún wá owó tó wọ báńkì tí kò ní ọjà kankan tó bá a mu nínú ìṣirò, torí ọjà tí wọ́n tà tí wọn ò kọ sílẹ̀ lè wà láàárín èyí tó sọnù.

Bí wọ́n bá rí ẹ̀rí fún mílíọ̀nù 93, ìyókù kò tó nǹkan, ìjábọ̀ lè mọ́ lóló. Bó bá jẹ́ pé mílíọ̀nù 80 ni wọ́n rí ẹ̀rí fún, mílíọ̀nù 15 tó kù ti kọjá 6, àmọ́ ojú kan ló wà. Ọ́dítọ̀ yóò sọ pé ìṣirò náà dára àyàfi ohun tí ọ̀rọ̀ ọjà oṣù méjì yẹn lè mú wá, ìdí rẹ̀ yóò sì wà nínú ìjábọ̀. Bó bá ṣe pé kò sí ẹ̀rí kankan fún gbogbo mílíọ̀nù 95, tí ẹrù tó wà nílẹ̀, gbèsè àwọn oníbàárà àti owó orí sì so mọ́ ọn, ó lè sọ pé òun kò lè ní èrò kankan lórí ìṣirò náà. Ìwé tó sọnù ló fa ti ìkẹyìn yìí, kì í ṣe ìwà yín. Ìyàtọ̀ yẹn máa ń hàn nínú ìjábọ̀, ó sì ṣe pàtàkì fún orúkọ yín.

Nísinsìnyí, bí ẹ bá kọ̀ pátápátá ńkọ́? Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ wa ni pé a ó jókòó pẹ̀lú yín, a ó béèrè ìdí. Lẹ́yìn náà, a ó tún ìwà ìṣòótọ́ àwọn alákòóso yẹ̀ wò, a ó sì wo ibi tí ohun tí wọ́n ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀, ìbáà jẹ́ lẹ́nu tàbí lórí ìwé, ti wọ inú iṣẹ́ wa. Èyí ló máa ń gba àkókò jù, ohun tí àwọn èèyàn kò sì mọ̀ nìyí. Ìkọ̀sílẹ̀ kan lórí gbólóhùn kan lè mú ká padà sórí iṣẹ́ tí a ti parí lọ́sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ kan fọwọ́ sí gbogbo lẹ́tà, ṣùgbọ́n ó fi bírò fa ìlà la gbólóhùn kan kọjá, èyí tó sọ pé iléeṣẹ́ kò ṣe onídùúró fún gbèsè ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìṣirò. Ó ní agbẹjọ́rò òun ló gba òun nímọ̀ràn pé kí òun má sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí a béèrè ohun tí agbẹjọ́rò rí, kò ní èsì. A padà sídìí èsì àwọn báńkì. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá iléeṣẹ́ ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni, báńkì kan ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, àwa kò sì bi wọ́n léèrè mọ́. Àṣìṣe tiwa nìyẹn, mo ṣì ń fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. A tún ìwé kọ sí báńkì náà, èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ: iléeṣẹ́ ti dúró fún gbèsè mílíọ̀nù 40 tí iléeṣẹ́ mìíràn jẹ, ìyàwó ọ̀gá àgbà yìí ló sì ni iléeṣẹ́ mìíràn náà.

Lọ́jọ́ kejì ó ní òun ti ṣe tán láti fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀, a sì lè kọ onídùúró náà sínú ìṣirò. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Ẹni tí a ti rí i pé ó mọ̀ tó sì fi pa mọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ òpó méjèèjì. Òun ló sọ fún wa pé gbèsè mẹ́ta tó ti pẹ́ ṣì máa wọlé; òun ló sọ pé kò sí ẹlòmíì tó tan mọ́ iléeṣẹ́. A lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ olùdarí, a sì ṣe àlàyé, àmọ́ wọ́n ní àwọn ṣì gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìlànà kò fi wá sílẹ̀ láti ro èyí tó bá wù wá: bí iyèméjì lórí ìwà ìṣòótọ́ àwọn alákòóso bá pọ̀ débi tí ìfọwọ́sọ̀yà lórí òpó méjèèjì kò ṣeé gbára lé, ọ́dítọ̀ gbọ́dọ̀ kọ̀ láti sọ èrò. A kọ̀ láti sọ ọ́. Lẹ́tà tó ní ìfọwọ́sí pípé wà nínú fáìlì wa nígbà tí a gbé ìjábọ̀ náà jáde.

Òfin kan náà ló wà fún ìgbà tí wọn kò bá fọwọ́ sí òpó méjèèjì rárá. Ọ́dítọ̀ kọ̀ láti sọ èrò ni, kò sí "dára àyàfi" níbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé, nígbà tó jẹ́ pé a ti ka ẹrù, a ti kọ̀wé sí báńkì, a ti yẹ gbogbo ìwé wò? Ìdí ni pé "àyàfi" wà fún iyèméjì tó ní ààlà. Bí ẹni tó ṣe ìṣirò bá kọ̀ láti sọ pé òun ti kó gbogbo ìwé jáde, a kò mọ ibi tí èyí tó kù wà. Ó lè jẹ́ nínú ọjà, ó lè jẹ́ nínú gbèsè, ó lè jẹ́ níbi tí a kò tíì dé rárá. Iyèméjì yẹn ti tàn ká gbogbo ojú ìwé. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n ń ta ìpín wọn ní gbangba, ìlànà wọn fi àyè díẹ̀ sílẹ̀: ìkọ̀sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá èrò tó mọ́ rìn, ó sì sábà máa ń mú kí ọ́dítọ̀ kọ̀ láti sọ èrò tàbí kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àmọ́ ó lè lo "àyàfi" bí ohun tí wọ́n kọ̀ láti sọ àti bó ṣe ṣẹlẹ̀ bá fàyè gbà á.

Ti gbólóhùn ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀ láti fọwọ́ sọ̀yà lórí gbólóhùn kan nítorí ìdí tí a lè yẹ̀ wò, a ó yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ sì lè parí síbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ń kó wàhálà bá èèyàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọjọ́ ìjábọ̀ ọ́dítọ̀ bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ yìí, tí ìjábọ̀ kò sì ní jáde títí di oṣù tó ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n dúró, torí ẹ ń fọwọ́ sọ̀yà fún ọjọ́ tí kò tíì dé. Ẹ fi àkókò yẹn kọ gbólóhùn "yàtọ̀ sí" tiyín, kí ẹ sì kọ ojú ìwé kan lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe bàjẹ́, ọjọ́ wo, ta ló mọ̀, kí ni wọ́n gbìyànjú láti gbà padà, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ báńkì àti ìwé ẹrù oṣù méjì náà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá àwọn ọ́dítọ̀ náà kí ìgbìmọ̀ olùdarí tó jókòó lórí ìṣirò, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀gá àgbà yín kà á ṣáájú, torí òun náà ló máa fọwọ́ sí lẹ́tà kan náà.